Ẹ yé é pe epo tó jò ní "díẹ̀"

Ẹ̀yin ọ̀gá wa tẹ́ ẹ ni ilé epo, àti ẹ̀yin máníjà wọn,

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe sùpáfáísọ̀ nílé epo, n kò sì mọ iye ìgbà tí mo kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Ó jò díẹ̀, a ti tún un ṣe." Gbólóhùn yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ kọ lẹ́tà yìí, nítorí ó ṣì wà nínú ìwé yín dòní.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ní agogo 6:30, ọmọ tó ń ta epo wá bá mi pé, "Sà, pọ́ọ̀mpù kejì ń jò díẹ̀." Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó máa fi ìkíní tà. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn. Mọ́tò kan ṣoṣo tó wà nínú táńkì ló ń ti epo sí pọ́ọ̀mpù méjèèjì, bí a ṣe ń tà ní ìkíní ni ìkejì ń jò sí i. Nígbà tí mo fi jáde lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, bẹntiróòlù ti tẹ́ sórí kọnkéré: ìṣísẹ̀ gígùn mẹ́ta lóròó, méjì níbùú, ó nípọn tó ẹyọ owó onírin. Bíi lítà 12 nìyẹn, láìka èyí tó ti wọ gọ́tà.

Kò sí irinṣẹ́ kankan nínú ọgbà wa tó lè sọ iye yẹn fún wa. Epo náà jò kí ó tó dé ibi tí mítà wà, mítà kò kà á. Ọ̀pá tí a fi ń wọn táńkì náà kò lè rí i, torí nínú táńkì lítà 33,000, sẹ̀ǹtímítà kan láàárín ju lítà 150 lọ. Ojú ẹni tó dúró níbẹ̀ nìkan ló lè wọ̀n ọ́n: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ̀ tó, ibo ló ń ṣàn sí?

Ẹni náà gan-an lẹ sì ti kọ́ láti pa ẹnu mọ́. Bó bá ní lítà 12, ẹ óò yọ owó lítà 12 nínú owó oṣù rẹ̀, ẹ óò pè é ní ṣọ́tèèjì. Ta ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye tí wọn yóò fi jẹ ẹ́ níyà? "Díẹ̀" ni yóò máa sọ.

Iye yẹn ló sì yẹ kó sọ bí a óò ṣe kó èèyàn jìnnà tó. Lítà bẹntiróòlù kan ṣoṣo tó bá di afẹ́fẹ́ tán lè sọ afẹ́fẹ́ inú yàrá kékeré kan di ohun tó ń gbaná. Afẹ́fẹ́ epo yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ. Kì í gòkè, ilẹ̀ ló ń fà, ó sì fẹ́ràn gọ́tà. Ìyá alákàrà wà nídìí gọ́tà wa, bí ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lú iná ẹyín rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ sọ fún un.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo pariwo pé, "Ẹ gbé ọkọ̀ yín kúrò!" Ọlọ́kadà márùn-ún ṣíná ọ̀kadà wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Iná ni mò ń ní kí wọ́n ṣá! Ńṣe ló yẹ kí wọ́n taari ọ̀kadà pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì pípa, kí àwọn onímọ́tò tó wà nítòsí sì sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn síhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ọmọ kan sáré lọ pa iná tó wà lókè pọ́ọ̀mpù. Suíìsì náà lè ta pàrà; láti bọ́ọ̀dù inú ọ́fíìsì, tó jìnnà sí epo, ló yẹ ká ti pa gbogbo rẹ̀. Òmíràn ti ń fomi fọ̀ ọ́, omi sì gbé epo léfòó, ó kó o wọ gọ́tà. Yanrìn gbígbẹ ni ká dà lé e, ká sì rántí pé yanrìn náà ṣì ń gbaná, kì í ṣe ohun à ń dà sórí ààtàn.

Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ alákàrà lọ́jọ́ náà ló yọ wá, kì í ṣe ọgbọ́n mi.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i, pé owó epo tó jò kò ní kan owó oṣù ẹnikẹ́ni tó bá tètè sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè irú àkọsílẹ̀ yìí, èyí tí ǹ bá kọ lọ́jọ́ náà:

"Agogo 6:30. Pọ́ọ̀mpù kejì ń jò nísàlẹ̀. Mo pa mọ́tò táńkì àti jẹnẹrétọ̀ láti ọ́fíìsì ní 6:31, a dẹ́kun títà. Epo tó wà nílẹ̀ kò tó lítà kan, kò dé gọ́tà. A taari ọ̀kadà márùn-ún jáde. Ìyá alákàrà ti paná."

Èmi ni,
Sùpáfáísọ̀ ilé epo tẹ́lẹ̀