Gègé Ìjọba Kọ́ Ni Ó Ń Fi Ọba Jẹ

Nígbàkígbà tí awuyewuye oyè bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Ifẹ̀ ilẹ̀ Àtàkpàmé, àwọn tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, gbólóhùn kan kì í pẹ́ kí ó tó jáde: ọ̀rọ̀ ọba kì í ṣe ọ̀rọ̀ kóòtù. Àwọn tí ń sọ ọ́ gbà pé ìṣẹ̀ṣe ni àwọn ń gbèjà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Gègé ìjọba ni wọ́n ń gbèjà. Bí kò bá sí ẹni tí ó lè bi ìwé àṣẹ léèrè ibi tí ó ti wá, kì í ṣe ọwọ́ afọbajẹ ni agbára oyè yóò kù sí. Ọwọ́ akọ̀wé tí ó tẹ òǹtẹ̀ ni.

Òfin ilẹ̀ Tógò fúnra rẹ̀ kò fún akọ̀wé ní agbára yẹn. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1992, tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di ọdún 2024, ti sọ ní abala 143 pé ìjọba mọ oyè ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́ àṣà àti ìṣe, ó sì sọ pé àṣà àti ìṣe ìlú kọ̀ọ̀kan ni yíyan olóyè àti fífi í jẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Òfin kejì, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2007, tún ṣàlàyé ipò àwọn olóyè ìbílẹ̀, ó sì la ọ̀nà tí ìjọba yóò fi mọ ẹni tí ìlú bá yàn. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ náà yóò rí i pé ẹlẹ́rìí ni ìwé ìjọba. Ó ń jẹ́rìí pé ìlú ti yan ẹnìkan. Bí ẹlẹ́rìí bá wá jẹ́rìí sí ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ń kọ́? Ibi tí wọ́n ti ń bèèrè nìyẹn ní Lómè, ní ìyàrá Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tí ń gbọ́ ẹjọ́ lórí ìṣàkóso, tí ó sì lágbára láti fagi lé ìwé àṣẹ tí aláṣẹ kọ kọjá agbára rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì pé kóòtù lè gba ọba là lọ́wọ́ ìjọba, kí ó rántí Ẹ̀ṣùgbàyí, Ẹlẹ́kọ̀ọ́ ti Èkó. Inú ọdún 1901 ni ó gorí ìtẹ́ ìdílé Dòsùnmú. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò bá wọn dẹ́kun ìbínú ìlú sí owó orí omi ẹ̀rọ. Nígbà tí ó di ọdún 1920, Herbert Macaulay tẹ̀ lé Olóyè Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lórí ẹjọ́ ilẹ̀ Apápá, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ̀ọ́ dání. Ìjọba ní kí ọba kọ Macaulay sílẹ̀ ní gbangba. Ọba kò ṣe bí wọ́n ti fẹ́, wọ́n sì yọwọ́ nínú mímọ̀ ọ́n ní ọba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1925 ni wọ́n wá kéde pé wọ́n ti rọ̀ ọ́ lóyè, wọ́n pàṣẹ pé kí ó fi Èkó sílẹ̀, wọ́n mú un lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì fi Ìbíkúnlé Akítóyè jẹ dípò rẹ̀.

Òfin kan tí ìjọba ṣe ní ọdún 1917 ni wọ́n gbé lé lọ́wọ́. Òfin yẹn fún Gómìnà ní agbára láti lé olóyè tí wọ́n bá ti rọ̀ lóyè jáde kúrò ní ìlú rẹ̀, bí àṣà ìbílẹ̀ bá béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé wo òfin náà dáadáa, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ náà wà. Kì í ṣe pé ó ní kí Gómìnà lé ẹnikẹ́ni tí ó bá wù ú. Ó ní ẹni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ olóyè ìbílẹ̀. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ ti rọ̀ ọ́ lóyè. Ó sì ní àṣà gbọ́dọ̀ béèrè pé kí ó kúrò nílùú. Àwọn agbẹjọ́rò Ẹlẹ́kọ̀ọ́ já gbogbo rẹ̀ ní koro, wọ́n sì bẹ kóòtù pé kí ìjọba gbé ọba wá síwájú adájọ́, kí ó sì sọ ẹ̀tọ́ tí ó fi dè é mọ́lẹ̀.

Ìdáhùn ìjọba jẹ́ irú èyí tí a ṣì ń gbọ́ lónìí: iṣẹ́ ìjọba ni, kóòtù kò ní ohunkóhun í ṣe níbẹ̀. Àwọn adájọ́ tí ó wà ní Èkó tẹ̀ sí ìhà ìjọba. Ẹjọ́ náà re Lọ́ńdọ̀nù lẹ́ẹ̀mejì, síwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Pírífì Kánsù. Ní ọdún 1928, ìgbìmọ̀ náà ní bí adájọ́ kan bá kọ ẹ̀bẹ̀ ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, ó lè gbé e tọ adájọ́ mìíràn lọ, adájọ́ yẹn sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ní ọdún 1931 ni Adájọ́ Atkin wá sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin kárí ayé ń kà títí di òní. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí dúkìá ẹni tí ó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, àfi bí ó bá lè dúró níwájú kóòtù kí ó fi hàn pé òfin wà lẹ́yìn òun. Ojúṣe adájọ́ fúnra rẹ̀ ni láti wádìí bóyá ẹni náà jẹ́ olóyè, bóyá wọ́n rọ̀ ọ́ lóyè lóòótọ́, bóyá àṣà béèrè pé kí ó lọ. Kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnu Gómìnà ṣe ẹ̀rí.

Èyí ni òpó àkọ́kọ́, àìbófinmu. Kò nílò pé aláṣẹ jẹ́ ènìyàn búburú. Bí òfin bá ní kí ohun kan ti ṣẹlẹ̀ kí agbára tó jáde, tí ohun náà kò sì ṣẹlẹ̀, agbára kò jáde, bí òǹtẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ lórí ìwé tó ewé oko. Òpó yìí ni ó bá ọ̀rọ̀ Àtàkpàmé mu jù lọ. Ká ní ọba wàjà ní abúlé kan lẹ́bàá odò Ògù, tí ilé méjì ń jẹ oyè náà ní àyípo. Ká ní ilé kejì ni ó kàn, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ilé àkọ́kọ́ ni ó jáde nínú ìwé àṣẹ. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè kì í ṣe èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó mọ̀wé tàbí ní owó jù. Ìbéèrè ni pé: níbo ni ìpàdé afọbajẹ ti wáyé, ta ni ó jókòó, ta ni ó kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, àti pé ṣé ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé ìjọba kò ṣáájú ọjọ́ ìpàdé? Ọ̀pọ̀ irọ́ ni ọjọ́ orí ìwé ti tú fó.

Òpó kejì, ìlànà tí kò tọ́, ni àwọn Yorùbá ti sọ kí òyìnbó tó dé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ohun àjòjì ni. Ẹ̀ka méjì ni ó ní. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ènìyàn ohun tí wọ́n fi kàn án, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹni tí ọ̀ràn kàn kò sì gbọdọ̀ jókòó ṣe adájọ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí Tógò ti jogún ìlànà kóòtù rẹ̀, opó kan tí ń jẹ́ Trompier-Gravier ni ó fi ẹsẹ̀ òfin yìí múlẹ̀. Ìsọ̀ ìwé ìròyìn ni ìjọba fún un láyè láti ní lójú pópó ní Párì. Wọ́n gba ìwé àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó fẹ́ fi ipá gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ń bá a tọ́jú ìsọ̀. Kò sí ẹni tí ó pè é láti fèsì. Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 1944, kóòtù àgbà fún ọ̀ràn ìṣàkóso fagi lé ìpinnu náà. Wọn kò sọ pé opó náà kò jẹ̀bi. Wọ́n ní ìyà tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ já lu ènìyàn láìjẹ́ pé ó ti rí àyè jà fún ara rẹ̀. Bí a bá gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu olówò ìwé ìròyìn kí a tó gba ìsọ̀ rẹ̀, ọba tí wọ́n fẹ́ gba adé rẹ̀ ń kọ́?

Òpó kẹta, àìbọ́gbọ́nmu, ni àwọn olùpẹ̀jọ́ fẹ́ràn jù, òun sì ni ó ń já wọn kulẹ̀ jù. Kì í ṣe ohun tí adájọ́ kò ní ṣe bí ó bá wà nípò aláṣẹ ni òfin ń pè bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kò sí aláṣẹ tí orí rẹ̀ pé tí ó lè ṣe é. Nínú ẹjọ́ Wednesbury ti ọdún 1947 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé sinimá kan bínú nítorí pé ìjọba ìlú ní kí wọ́n má gba ọmọ tí kò tó ọdún 15 wọlé ní ọjọ́ Àìkú. Ẹjọ́ náà ni ó sọ òpó yìí lórúkọ, síbẹ̀ ilé sinimá náà pàdánù. Ẹbí tí ó bá gbé ẹjọ́ oyè lọ sí Lómè pẹ̀lú igbe pé "ìpinnu yìí kò mọ́gbọ́n dání" nìkan ti fi ọwọ́ òfo lọ ogun. Kí wọ́n mú ìwé ìpàdé afọbajẹ lọ, kí wọ́n sì tètè lọ, nítorí ọjọ́ tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní kò gùn. Ní ilẹ̀ Faransé, oṣù méjì ni.

Àwọn alátakò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: wọ́n ń bẹ̀rù pé adájọ́ yóò máa yan ọba. Ẹ̀rù náà yẹ kí ó wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kóòtù yìí kọ́ nìyẹn. Ó ń fagi lé ìwé tí kò dára, ó sì ń dá ọ̀ràn padà fún àwọn tí ó ni ín. Nínú ẹjọ́ Ẹlẹ́kọ̀ọ́ pàápàá, Pírífì Kánsù kò dé Ẹ̀ṣùgbàyí ládé. Ó dá ẹjọ́ padà sí Èkó fún ìwádìí, kí Gómìnà Cameron tó parí ọ̀ràn náà, kí ọba sì padà sílé ní ọdún 1931.

Ohun kan tún wà nínú ìdájọ́ yẹn tí ó yẹ kí ó ká àwọn olùfẹ́ àṣà lára ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìjọba ti ń dọ́gbọ́n sọ pé àṣà àtijọ́ a máa pa ọba tí wọ́n bá rọ̀ lóyè, pé lílé jáde nìlú jẹ́ èyí tí ó rọ̀ jù nínú àṣà náà. Atkin ní kóòtù kò lágbára láti sọ àṣà líle di àṣà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí àṣà yóò bá yí padà, àwọn tí ó ni ín ni yóò yí i, nítorí pé gbígbà tí ìlú gbà á ni ó sọ ọ́ di àṣà. Nítorí náà, níwájú adájọ́, ohun tí ìlú ń ṣe lónìí ni ẹ̀rí. Ní Àtàkpàmé, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó mọ bí àyípo oyè ti ń lọ láti ilé dé ilé ti dàgbà, orí wọn nìkan ni àkọsílẹ̀ náà sì wà. Kí afọbajẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí ìtẹ́ kò ṣófo, kí gbogbo ilé tí ọ̀ràn kàn fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ sí ilé kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe sí ọ́fíìsì aláṣẹ nìkan.