Sir/Ma Kì í Ṣe Ọ̀wọ̀: Àtakò sí Àṣà Kan Nínú Ímeèlì

Láàárín àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé ní Nàìjíríà, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ tàbí àyè ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ débi pé ẹni díẹ̀ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Ìgbàgbọ́ náà ni pé bí ènìyàn kò bá mọ oyè ẹni àgbà tí ó ń kọ ímeèlì sí, tí kò sì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kí ó ṣáà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Dear Sir/Ma`, nítorí pé kò sí ẹni tí gbólóhùn náà yọ sílẹ̀, ó sì kún fún ọ̀wọ̀. Ìwé-pẹlẹbẹ yìí tako ìgbàgbọ́ náà láti ìdí rẹ̀. Gbólóhùn yẹn kò bu ọlá fún ẹni tí a kọ ọ́ sí, kò sì ṣe ẹni tó kọ ọ́ ní àǹfààní kankan.

Kò ṣòro láti mọ ibi tí àṣà náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ayé ìjọba amúnisìn, ọkùnrin ni àwọn ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì ìjọba, lẹ́tà tí akọ̀wé bá sì kọ sí wọn a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `Sir`, a sì máa parí pẹ̀lú gbólóhùn gígùn tí akọ̀wé fi ń pe ara rẹ̀ ní ìránṣẹ́ onígbọràn, `I have the honour to be, Sir, Your obedient servant`. Gbólóhùn gígùn náà ti kógbá wọlé, ṣùgbọ́n `Sir` kò lọ. Ó wọ inú lẹ́tà àìgbagbẹ̀fẹ́, ìyẹn lẹ́tà tí a ń kọ sí ọ́fíìsì tàbí sí ẹni tí kì í ṣe ojúlùmọ̀, èyí tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama fi ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC. Akẹ́kọ̀ọ́ há a sórí pé àdírẹ́sì òǹkọ̀wé ló ń ṣáájú, ọjọ́ tẹ̀ lé e, àdírẹ́sì ẹni tí a ń kọ lẹ́tà sí tẹ̀ lé ọjọ́, `Dear Sir` tẹ̀ lé ìyẹn, àkòrí lẹ́tà wà lábẹ́ rẹ̀, `Yours faithfully` sì ni ìparí. Ẹ̀kọ́ náà wúlò fún ìdánwò, ṣùgbọ́n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní bí a ṣe ń ronú nípa ẹni tí yóò ka lẹ́tà náà.

Ayé sì ti yí padà kúrò ní ibi tí ẹ̀kọ́ yẹn dúró sí. Ní ọdún 1985 ni Grace Alele-Williams di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀gá àgbà yunifásítì ní Nàìjíríà, ní Yunifásítì ìlú Benin, nígbà tí ó sì di ọdún 2022, Folasade Ogunsola gorí ipò kan náà ní Yunifásítì Èkó. Nígbà tí ó wá hàn pé `Dear Sir` nìkan lè bọ́ sọ́wọ́ obìnrin, àwọn ènìyàn kò kọ àṣà náà sílẹ̀. Ńṣe ni wọ́n fi `/Ma` lẹ̀ ẹ́.

Inú àlẹ̀mọ́ yìí gan-an ni àléébù wà. Ìlà dídagun tó wà láàárín `Sir` àti `Ma` ń sọ fún ẹni tó ń kà á pé òǹkọ̀wé kò mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀, kò wádìí, ó sì fi í sílẹ̀ fún òǹkàwé láti mú èyí tó bá kàn án nínú méjèèjì. Bákan náà, `Ma` tí a ń lò ní Nàìjíríà fún obìnrin tó ju ènìyàn lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọ́fíìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà mọ̀ nínú lẹ́tà. Ìyá ẹni ni wọ́n ń fi pè níbi tí wọ́n ti ń lò ó. Ohun kan tún wà tó burú ju ìyẹn lọ. Àwọn oníjìbìtì tó ń fi lẹ́tà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn kò lè pe ẹnikẹ́ni ní orúkọ, irú ìkíni tí kò mọ ẹni tó ń kí yìí ni wọ́n sì máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Olóòótọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí ti wọ aṣọ wọn kí ó tó sọ ohun tí ó ń fẹ́.

Àwọn tó ń gbèjà àṣà náà a máa sọ pé ọmọ Yorùbá kò lè ṣe kí ó má bọ̀wọ̀ fún àgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ Yorùbá kò fìgbà kan béèrè bóyá ọkùnrin ni àgbà náà tàbí obìnrin. Ẹni tí àgbà tí kò mọ̀ rí bá pè lórí fóònù yóò dá a lóhùn pẹ̀lú “ẹ” àti “yín” láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì ní pọn dandan kí ó mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ wa pàápàá fara mọ́ èyí, nítorí pé Táíwò, Kẹ́hìndé, Ayọ̀délé àti Olúwaṣeun jẹ́ orúkọ ọkùnrin, wọ́n sì jẹ́ orúkọ obìnrin. Ẹni tó bá wo irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tó sì kọ `Dear Mr` ti méfò, ẹni tó sì kọ `Dear Sir/Ma` lẹ́yìn tí ó ti rí orúkọ náà kedere ti kọ̀ láti pe ènìyàn ní orúkọ rẹ̀.

Ó yẹ kí a mú àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò dáadáa. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ń wá olùkọ́ tí yóò bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ oko, tí ohun tí ó rí lójú ewé yunifásítì náà kò sì ju `Kehinde Adeoye, Reader in Soil Science` lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ ṣe ni pé wọn yóò wá fọ́tò kiri kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ni. Ìwádìí tí kò tọ́ nìyẹn. Oyè ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wá, nítorí pé `Dr` àti `Professor`, ìyẹn Ọ̀mọ̀wé àti Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò ní akọ, kò ní abo; bí a bá ti rí ọ̀kan nínú wọn, ìbéèrè kejì ti parí fúnra rẹ̀. `Reader` tó wà lẹ́yìn orúkọ náà jẹ́ ipò, ìyẹn olùkọ́ tó wà ní àtẹ̀gùn tó kángun sí ti Ọ̀jọ̀gbọ́n, a kì í sì í fi í ṣáájú orúkọ nínú ìkíni. Ó mú kí ó ṣeé ṣe gan-an pé ẹni náà ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò fi dáni lójú. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò wo ìtàn ẹ̀kọ́ olùkọ́ náà bí ó bá wà lójú ewé yẹn, yóò wo ojú ewé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, bí nọ́ńbà ọ́fíìsì bá sì wà, yóò pe akọ̀wé ẹ̀ka láti béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ olùkọ́ náà sórí lẹ́tà. Àwọn àpilẹ̀kọ inú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kì í sábà ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí pé orúkọ lásán ni wọ́n máa ń tẹ̀, láìsí oyè.

Bí gbogbo èyí bá já sí òfo, àbájáde rẹ̀ rọrùn: a ó kọ orúkọ náà ní kíkún, a kò sì ní fi ohunkóhun ṣáájú rẹ̀.

```
Dear Kehinde Adeoye,

I am writing to ask whether you are
accepting research students in soil
science for the coming session.

Yours sincerely,
```

Nínú ìkíni yìí, kò sí irọ́, kò sì sí ìméfò tó lè kùnà. Ó ṣe pàtàkì pé orúkọ méjèèjì ló wà níbẹ̀, nítorí pé `Dear Kehinde` nìkan yóò dà bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, `Dear Adeoye` nìkan yóò sì dún bí ìgbà tí tíṣà ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Inú ara lẹ́tà ni ọ̀wọ̀ ti ń fara hàn: ìbéèrè wá tààrà ní gbólóhùn àkọ́kọ́, kò fi agbára béèrè, kò sì sí `sir` ní òpin gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí àwọn kan ti máa ń ṣe.

Ìparí gbọ́dọ̀ bá ìbẹ̀rẹ̀ mu, ibí sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Nínú àṣà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Nàìjíríà jogún, `Yours sincerely` ni ó tẹ̀ lé ìkíni tó dárúkọ ènìyàn, `Yours faithfully` sì wà fún ìkíni tí kò dárúkọ. Ẹni tó bá kọ orúkọ sókè tó wá kọ `Yours faithfully` sísàlẹ̀ ti da méjèèjì pọ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa kọ `Sincerely` nìkan, `Kind regards` náà kò sì burú nínú ímeèlì. Èyí tí ó yẹ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀ ni `Thanks in anticipation`, nítorí pé ó ń dúpẹ́ oore tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà láti ṣe. Lábẹ́ ìparí, kí òǹkọ̀wé kọ orúkọ tirẹ̀ ní kíkún, kí ó sì fi bí ó ṣe fẹ́ kí wọ́n pe òun kún un, nítorí pé bí òun náà bá ń jẹ́ Ayọ̀délé, inú òkùnkùn kan náà ni ẹni tí yóò fèsì wà.

Nígbà tí èsì bá dé, kí a wo ìbuwọ́lùwé rẹ̀ kí a tó kọ òmíràn. Ọ̀pọ̀ obìnrin ọ̀mọ̀wé ní Nàìjíríà a máa fi `Mrs` sínú àkámọ́ lẹ́yìn `Dr` tàbí lẹ́yìn orúkọ wọn. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí a wá kọ `Dear Mrs Adeoye`, nítorí pé ńṣe ni ìyẹn bọ́ oyè tí ó fi ọdún púpọ̀ kàwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀. `Dear Dr Adeoye` ni ó tọ́.

Àtakò kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn ọ̀gá kan wà ní Nàìjíríà tí inú wọn kò ní dùn bí wọ́n bá rí orúkọ wọn láìsí oyè níwájú rẹ̀, òótọ́ sì ni pé ẹni tó ń wá ojú rere kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Ṣùgbọ́n ìdáhùn sí èyí kì í ṣe `Sir/Ma`. Ipò ni kí a fi kí irú ẹni bẹ́ẹ̀: `Dear Head of Department`, `Dear Registrar`, tàbí `Dear Admissions Officer`, kí a sì fi `Yours faithfully` parí rẹ̀, nítorí pé a kò dárúkọ. Ipò kò ní akọ tàbí abo, ó sì gbé ọlá ọ́fíìsì náà dání. Bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tí kò sí orúkọ tàbí ipò kankan tí a lè rí, `Dear Sir or Madam` ṣì bójú mu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí a bá kọ ọ́ ní kíkún. Àwọn Yorùbá tó ń fi Faransé kọ̀wé ní Benin àti Togo ní ìlànà tiwọn: `Madame, Monsieur` ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ méjì náà ni wọ́n sì máa ń tún kọ sínú gbólóhùn ìparí.

Ọwọ́ àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni àtúnṣe yìí wà jù lọ. Kí wọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ kan tí kò ní oyè, irú Táíwò tàbí Kẹ́hìndé, pẹ̀lú ipò kan, kí wọ́n ní kí ó kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí tó bára mu, kí wọ́n sì fàlà sí `Sir/Ma` ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti rí i.