Ẹ Má Pe Ibà Ọmọ Ọwọ́ Ní Eyín

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa ti gbọ́ láti kékeré, òun ni a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí. Bí ara ọmọ oṣù 6 tàbí oṣù 8 bá gbóná, kí ìyá rẹ̀ tó la ẹnu, ẹnìkan nínú agboolé á ti sọ pé: "Eyín ló ń hù." Èrò tiwa ni pé gbólóhùn kékeré yìí wà lára ohun tó ń pa wá lọ́mọ, ó sì yẹ kí a jọ fi í sílẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn ìyá wa àgbà kò gbọ́n. Ohun tí wọ́n fi ojú rí ni wọ́n ń sọ. Eyín àkọ́kọ́ a máa yọ ní nǹkan bí oṣù 6, ìgbà yẹn náà sì ni ara ọmọ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tó ń ṣẹlẹ̀ lásìkò kan náà. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ara ìyá rẹ̀ fún un ní ààbò díẹ̀ sí ibà, ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun fúnra rẹ̀ kò sì rọ kòkòrò ibà lọ́rùn. Láti bí oṣù 3 lọ, ààbò yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Nígbà tí eyín bá fi máa yọ, ọmọ náà ti wà níhòòhò níwájú ẹ̀fọn. Eyín àti ibà kàn pàdé lójú ọ̀nà ni, a wá mú eyín, a jẹ́ kí ibà lọ.

Kí ni eyín ń ṣe gan-an? Ó máa ń mú kí itọ́ dà, kí ọmọ máa ki ọwọ́ bọ ẹnu, kí ó máa sunkún lóru, kí ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀. Kì í mú kí ara ọmọ gbóná dé ìwọ̀n 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í mú kí ó máa bì. Kì í sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di funfun. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, ẹ gbàgbé eyín.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ oṣù 8 ni, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 7, ó ń gbé lẹ́bàá ọ̀sà níbí. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ara rẹ̀ gbóná. Ìyá-ìyá rẹ̀ fi ìka kan èrìgì rẹ̀, ó ní eyín ti fẹ́ yọ. Wọ́n fún un ní parasẹtamọ́ọ̀lù, ara sì tutù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ó ń ṣeré, gbogbo ilé dúpẹ́. Ní alẹ́, ara tún gbóná. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò fẹ́ mu ọmú mọ́, ó bì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ro àgbo fún un. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú ó ti rọ̀ jọwọrọ, ó ń mí lókè lókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ìgbà náà ni wọ́n tó pe sẹ́míjàn. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, ohun àkọ́kọ́ tí dókítà béèrè ni ẹni tó máa fún ọmọ ní ẹ̀jẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn? Kòkòrò ibà tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ pupa. Ó ń pọ̀ síi níbẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 48, lẹ́yìn náà ni ó ń bẹ́ ilé tó wọ̀, tí àwọn ọmọ rẹ̀ á sì tú jáde láti wọ inú ẹ̀jẹ̀ mìíràn. Bí wọ́n bá ń bẹ́ jáde ni ara ń gbóná. Parasẹtamọ́ọ̀lù ń mú ooru náà wálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan kòkòrò kankan. Nítorí náà, òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tí wọ́n ń dúpẹ́ yẹn, ibà ń pọ̀ síi lábẹ́lẹ̀ ni. Ara tó tutù lówùúrọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ọmọ ti yá.

Ẹ tún wo bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ ti kéré tó. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ kílò 7 kò fi bẹ́ẹ̀ ju omi ọ̀rá kan tí a ń rà lójú pópó lọ. Bí kòkòrò bá ń bẹ́ ẹ̀jẹ̀ yìí lọ́jọ́ méjì méjì, kò ní pẹ́ kó tó di pé kò tó mọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, àìtó ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà tí ibà sábà máa ń gbà pa á. Gbogbo wa ló mọ gìrì, gbogbo wa ló sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ kì í pariwo bíi gìrì. Ọmọ kàn ń dákẹ́ síi ni, àwọn ará ilé á sì ní ó ń sinmi.

Nítorí náà, bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síta ní ojúmọmọ, ẹ fi ti ẹ̀yin fúnra yín tì í. Ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀. Ó yẹ kí ó pọ́n. Bí ó bá funfun, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀la mọ́. Bákan náà ni bí ọmọ bá kọ ọmú, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tó bá mu, bí ó bá ń mí kíákíá tí ìgbáàyà rẹ̀ ń wọlé, bí ó bá ṣòro láti jí i, tàbí bí gìrì bá mú un. Ọ̀kan péré nínú wọn ti tó láti gbéra, bó tilẹ̀ jẹ́ aago 2 òru. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2 kò nílò àmì kankan mìíràn: kí ara rẹ̀ ṣáà gbóná ni, ilé ìwòsàn ló kàn, nítorí pé àìsàn mìíràn tó le lè wà nídìí rẹ̀.

Bí gìrì bá mú ọmọ lọ́nà, ẹ gbé e dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí itọ́ lè dà jáde. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ yá iná, ẹ má sì da àgbo tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu, nítorí ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ máa bá ìrìn lọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọmọ wa, kí a ní wọ́n ṣe é lọ́nà mìíràn. Ara gbóná ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí àmì ewu kankan. Ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé wọ́n ti wà níwájú nọ́ọ̀sì, ó gún ọmọ ní abẹ́rẹ́ kékeré, ó kán ẹ̀jẹ̀ sórí ohun àyẹ̀wò, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 èsì jáde. Oògùn tó wọ́pọ̀ fún ọmọ kílò 5 sí 14 ni ti àtẹmẹ́tà àti lumẹfantíìnì: hóró kan lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 3, gbogbo rẹ̀ jẹ́ hóró 6. Kí ọmọ mu ọmú sí i, nítorí ọ̀rá inú wàrà ló ń jẹ́ kí oògùn náà wọ ara dáadáa. Bí ó bá bì í kíá, kí wọ́n padà sọ fún nọ́ọ̀sì. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kùnà ni pé ní ọjọ́ kejì ara ọmọ á tutù, a ó sì fi hóró méjì tó kù pamọ́ de ìgbà mìíràn. Àwọn kòkòrò tó kù ni a ń fi pamọ́ yẹn. Bí àyẹ̀wò bá sì sọ pé kì í ṣe ibà, ẹ má padà sílé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ eyín. Ẹ béèrè ohun tó ń mú ara gbóná.

Ní ti àwọ̀n ẹ̀fọn, a máa ń gbọ́ pé, "Ooru ń mú wa nínú rẹ̀," tàbí pé, "Ẹ̀fọn Àjàṣẹ́ kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́." Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ kejì. Oògùn àtijọ́ tí wọ́n fi ń pa àwọ̀n láró kò pa ẹ̀fọn gúúsù ilẹ̀ wa dáadáa mọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní agbègbè Kófè, Sànyànádò àti Wínhì nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2023, wọ́n fún àwọn ìlú kan ní àwọ̀n tó ní oògùn kejì nínú. Láàárín ọdún 2, ibà àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ fi 46 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tó ń lo àwọ̀n oògùn àtijọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń pín àwọ̀n, ẹ gba tuntun, ẹ má sọ pé ti àtijọ́ ṣì wà nílé.

Ẹ ta á sí ibòji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó lò ó, kí ojú má baà máa ta yín. Ẹ ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ẹní tàbí tìmùtìmù yíká. Ọṣẹ lásán ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ sì sá a síbi tí oòrùn kò sí, nítorí oòrùn ń pa oògùn rẹ̀. Bí ó bá ya, ẹ rán an. Bí ọmọ bá sùn lọ lórí ẹní níta nígbà tí ẹ ń fẹ́ atẹ́gùn, ẹ gbé e wọ inú àwọ̀n nígbà náà, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ̀yin náà máa sùn.

Láti ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Ìgbà mẹ́rin ni ọmọ ń gbà á, èyí tó kẹ́yìn sì ń bọ́ sí ọdún kejì rẹ̀; òun ni àwọn ìyá máa ń gbàgbé. Ó ń dín ibà kù, kò lé e lọ pátápátá, àwọ̀n kò sì gbọdọ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ tó kù jẹ́ ti àwa bàbá àti àwa àgbà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ìyá ọmọ ti mọ̀ láti alẹ́ àkọ́kọ́ pé nǹkan kò dáa, ṣùgbọ́n ó ń dúró de owó, ó sì ń dúró de ẹni tó máa sọ pé kó máa lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi owó sẹ́míjàn àti ti àyẹ̀wò sọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí a sì sọ fún un níṣojú ìyá wa pé bí ara ọmọ bá gbóná, kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Eyín á yọ lọ́jọ́ tirẹ̀. Kí ọmọ wà láàyè láti fi jẹun ni a ń wá.