Ìràwọ̀ Tó Ń Já Lóṣù Kejìlá Kì Í Ṣe Òpin Ayé

Bí oṣù Kejìlá bá ti dé ìdajì báyìí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù: ìràwọ̀ ń já, àpáta ńlá ń bọ̀ wá kọlu ayé, ẹ yáa dá owó àdúrà. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á. Ṣùgbọ́n kí wọ́n yéé fi irọ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Àmì òjijì wo ló máa ń mọ ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá lọ́dọọdún?

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń pò pọ̀. Ásítẹ́rọ́ìdì jẹ́ òkúta tó ń yí oòrùn po. Kọ́mẹ́ẹ̀tì, ìràwọ̀ onírù, ní yìnyín nínú. Bó bá sún mọ́ oòrùn, yìnyín á di oru, eruku á sì tú jáde. Mítíọ̀ ní tiẹ̀, ìmọ́lẹ̀ lásán ni. Ohun tó kéré bíi hóró yanrìn ló fi eré burúkú wọ inú afẹ́fẹ́ wa, tó jó ní nǹkan bí 100 kìlómítà lókè. Ìràwọ̀ kankan ò já.

Kí ló dé tó fi ń padà wá? Ẹ ro ti típà tó ń jo yanrìn sójú títì. Bí típà bá tiẹ̀ ti lọ, ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá á tẹ yanrìn. Ọ̀nà ayé wa yí oòrùn ká gba ojú ọ̀nà eruku yẹn kọjá níbì kan náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Kọ́mẹ́ẹ̀tì Súwífùtì-Tọ́tù wá kẹ́yìn ní 1992, ó di 2126 kó tó padà. Síbẹ̀, gbogbo oṣù Kẹjọ la ń rí mítíọ̀ rẹ̀, torí eruku rẹ̀ ti tàn ká gbogbo ọ̀nà náà.

Ti oṣù Kejìlá tiẹ̀ tún yàtọ̀. Fétọ́nì ló ni eruku yẹn, wọ́n rí i ní 1983, ó fẹ̀ tó kìlómítà márùn-ún, ó sì jọ ásítẹ́rọ́ìdì ju kọ́mẹ́ẹ̀tì lọ. Bí òkúta ṣe da eruku tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ìyẹn gan-an ló yẹ ká máa bá ara wa sọ!

Ẹ dán an wò fúnra yín. Ní nǹkan bí aago méjì òru, ẹ kúrò níbi iná, ẹ fi ojú tọ ipa mítíọ̀ kọ̀ọ̀kan padà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wọn á tọ́ka sí agbo ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìbejì. Èyí tí kò bá tọ́ka síbẹ̀, àlejò ni, kò sí lára wọn. Bí òṣùpá bá mọ́lẹ̀ jù, tàbí eruku ọyẹ́ bo ojú ọ̀run, ẹ lè má rí ju díẹ̀ lọ. Ẹni tó bá tún ní kẹ́ ẹ dáwó, ẹ bi í pé ojú ọ̀nà èwo nínú wọn ni àpáta tiẹ̀ ń gbà bọ̀.