Ta Ló Lè Na Ta?

Ọmọ tí wọ́n bí sí Yopugọ́n ní Àbíjàn máa ń pe akọni eré àwòrán Jàpáànù kan ní Sangóku. Ìbátan rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ẹjìgbò dé á ní Góku lòun mọ̀. Ẹnì kan náà ni. Eré tí tẹlifíṣọ̀n TF1 bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde lédè Faransé ní 1988 ló lẹ orúkọ ìdílé rẹ̀ mọ́ orúkọ tirẹ̀. Wọn kì í jà lórí ìyẹn pẹ́. Ohun tó ń sọ àtíẹ̀kẹ́ di tútù níwájú wọn ni ìbéèrè pé ta ló lè na ta.

Àwọn àgbà rò pé ariwo ọmọdé lásán ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní ìdí. Akira Toriyama, tó ya ìtàn Drágọ́ọ̀nù Bọ́ọ̀lù sínú ìwé ọ̀sẹ̀ kan láti 1984 sí 1995, fi òṣùwọ̀n kan sínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tí Ràdítìsì, ẹ̀gbọ́n Góku, ti ojú ọ̀run dé, ó gbé awò kan sójú tó ń ka agbára ènìyàn bí ẹni ń wọn ìrẹsì. Ó wo àgbẹ̀ kan tó gbé ìbọn dání, awò sì kà á sí 5. Ó wo Góku: 334. Nígbà tí Góku bọ́ aṣọ wúwo tó wọ̀ sílẹ̀, ó di 416. Pikólò, ọ̀tá rẹ̀ tó wá bá a jà pọ̀, bọ́ tirẹ̀ náà, ó dé 408.

Kí ènìyàn tó rò pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, awò yẹn kan náà ló da gbogbo rẹ̀ rú. Gòháànù, ọmọ Góku tí ò ju ọdún mẹ́rin lọ, ń sunkún, awò ní 710. Ràdítìsì rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́ ni. Ọmọ náà bínú, ó fi 1,307 kan ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ láyà, lẹ́yìn náà ó padà sí 1. Pikólò tó jẹ́ 408 sì kó agbára rẹ̀ jọ sí orí ìka méjì títí ó fi di 1,330. Góku di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ìtànṣán Pikólò sì gun àwọn méjèèjì pa. Ohun tí awò ń kà ni agbára tó wà lójú ara ní ìṣẹ́jú náà, kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè ṣe bí inú bá bí i.

Bí ẹni tó fara mọ́ iye bá ti ń yangàn, ẹni tó fara mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ á mú òṣùpá jáde. Ọ̀gá àgbà tó kọ́ Góku níjà, ẹni tí ìtumọ̀ Faransé ń pè ní Ìjàpá Ọlọ́gbọ́n, ti fọ́ òṣùpá túútúú rí. Nígbà tí wọ́n gbé awò wò ó lẹ́yìn náà, 139 péré ni. Ó dáa: bí 139 bá lè fọ́ òṣùpá, kí ló dé tí 1,330, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, fi dá ihò sí àyà ọkùnrin méjì, tí oko tí wọ́n dúró sí ò sì fọ́? Ẹnì kan á ní Pikólò ló sọ agbára náà di tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Èsì tó gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n èsì tó rọrùn jù ni pé ọmọ náà ti di ìnàkí ńlá lábẹ́ òṣùpá, ayàwòrán sì nílò kí òṣùpá kúrò lọ́nà. (Wọ́n dá a padà sójú ọ̀run nígbà tó yá, Pikólò sì tún fọ́ ọ nítorí Gòháànù.)

Ẹni tó ń ya ìtàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ọ̀tá tuntun wá, èyí tó le ju ti àná lọ. Bẹ́ẹ̀ ni iye fi ń gòkè, títí Fúríísà fi dé tó ní 530,000 lòun. Lẹ́yìn rẹ̀, Toriyama fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òṣùwọ̀n tì. Ọ̀kan nínú ìgbà ìkẹyìn tó lò ó, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni: ọmọ ogun Fúríísà wo ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tùráńkìsì, ó ní 5 ni, iye àgbẹ̀ ọjọ́sí gan-an. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà pa wọ́n run.

Bí wọ́n bá wá mú Góku kan Naruto, tàbí Saitáma tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ ẹyọ kan parí ìjà, ó tún burú sí i, nítorí pé kò sí awò tó kọjá láti ìwé ayàwòrán kan sí òmíràn. A kò tíì fi òpin agbára Saitáma hàn rí. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀fẹ̀ inú eré rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́ àtíẹ̀kẹ́ níbẹ̀, kí ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n máa gbà bí ẹ̀rí. Ẹ mú Ìjàpá Ọlọ́gbọ́n kan Ràdítìsì. Bó bá jẹ́ iye ni, ìgbátí kan ti tó bàbá arúgbó náà. Bó bá jẹ́ ohun tí ojú rí nínú ìwé ni, ẹnì kan fọ́ òṣùpá, ẹnì kejì ò fọ́ nǹkan tó tó bẹ́ẹ̀.