Púpurú Inú Ọ̀rá: Òwò fún Ẹni tí Kò Ní Ṣọ́ọ̀bù

Ẹni tó bá dé ọjà Igbókọ̀dá kò ní ṣàìrí púpurú, gbágùúdá tí wọ́n rẹ, tí wọ́n fún omi rẹ̀ dànù, tí wọ́n mọ róbótó, tí wọ́n sì yan títí ara rẹ̀ fi dúdú. Ọmọ Ìlàjẹ tó ń gbé Èkó fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ráyè ha èèpo dúdú náà, kó gún un, kó sì jọ̀ ọ́. Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ilé ìdáná yín kéré lè fi iṣẹ́ yìí ṣòwò.

Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ní ààyè àti ààrò máa rẹ gbágùúdá, kí wọ́n sì máa yan án. Oró wà nínú gbágùúdá tútù, rírẹ ẹ́ fún ọjọ́ 3 sí 5 ló sì ń dín in kù. Bí ọjọ́ kò bá pé, ojú lásán kò lè rí oró tó kù. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti máa rà á.

Bí ẹ bá ha èèpo rẹ̀ tán, ẹ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, nítorí ara rẹ̀ lè gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ sá a sórí tábìlì, kí ẹ fi àwọ̀n bò ó. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ di díẹ̀ sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e sínú oòrùn fún wákàtí 1. Bí ìrì bá ṣẹ̀ sínú ọ̀rá náà, ẹ tún un sá. Lẹ́yìn èyí, ẹ gún un, ẹ jọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í, nítorí ooru a máa làágùn nínú ọ̀rá. Ọ̀rinrin etíkun kò jìnnà. Ẹ má ṣe ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù. Májèlé tí èbu ń fi sílẹ̀ lè má kú nínú oòrùn tàbí omi gbígbóná.

Orí iye owó ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ká ní ẹ ra kílò 10 ní ₦10,000, tí ìyẹ̀fun tó kù sì jẹ́ kílò 7. Kílò kan kì í ṣe ₦1,000 mọ́. Ó ti lé ní ₦1,400, kí a tó ka ọ̀rá, owó ọkọ̀ àti agbára yín. Ẹ wọn ti yín kí ẹ tó dá iye lé e.

Àjọ NAFDAC ló ń forúkọ oúnjẹ àdìpọ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tẹ orúkọ sára ọ̀rá.