Ata tó kù lórí àtẹ, owó ṣì wà nínú ẹ̀

Aláta tó bá ti lọ ra ọjà rí ní Máìlì 12 l'Ékòó mọ̀ pé ata kì í dúró de èèyàn. Bí ọjà ò bá yá lọ́jọ́ méjì, ṣọ̀mbọ̀ á ti máa hunjọ. Bó bá di ọjọ́ kẹta, ẹlòmíràn á máa fi ṣe ènì fún oníbàárà. Ata yìí gan-an ló lè di ọjà kejì lórí àtẹ kan náà: ata gbígbẹ lílọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni kí ẹ ti ṣà á sọ́tọ̀ o. Èyí tó bá ti rà tàbí tó ti bu, ẹ dà á nù, torí oòrùn ò lè wo ata rírà sàn. Ẹ fọ èyí tó kù, ẹ já ìdí ẹ̀, kí ẹ là á ní gígùn kí omi inú ẹ̀ lè tètè gbẹ. Orí àtẹ tó ga nílẹ̀ ni kí ẹ sá a sí, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kì í ṣe etí títì tí mọ́tò ń da eruku lé lórí. Lálẹ́, ẹ kó o wọlé nítorí ìrì.

Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ tó dá wẹ́rẹ́, ó ti gbẹ nìyẹn. Bó bá ń tẹ̀ bí awọ, omi ṣì wà nínú ẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe: wọ́n á lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á dì í, ló bá bu sínú láílọ́ọ̀nù. Ata tó bá bu lè ní májèlé tí sísè ò lè pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbígbóná ló máa ń ti inú ẹ̀rọ jáde. Ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa kí ẹ tó dì í, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò làágùn.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Omi ló pọ̀ jù lára ata, nítorí náà kílò 10 tútù lè má ju kílò 1 àti díẹ̀ lọ bó bá gbẹ tán. Ká ní ata tó kù yẹn ò lè pa ju ₦3,000 lọ lọ́jà, tí owó ẹ̀rọ àti láílọ́ọ̀nù sì jẹ́ ₦1,000. Bó bá jáde ní láílọ́ọ̀nù kékeré 24, tí ẹ tà á ní ₦250 ẹyọ kan, ₦6,000 nìyẹn. Èrè ₦2,000 wọlé lórí ohun tí ì bá dé ààtàn.

Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá lọ fi ₦8,000 ra ata tútù tuntun nítorí àtisá, ₦9,000 ló ná láti pa ₦6,000. Gbèsè nìyẹn! Àjẹkù ọjà nìkan ni iṣẹ́ yìí wà fún. Tòmátì ńkọ́? Omi tiẹ̀ tún pọ̀ ju ti ata lọ, ẹ fi sílẹ̀. Lásìkò òjò, tí oòrùn kì í ràn dáadáa, kí àtẹ náà sinmi.